Ohun Tí Olùyẹ̀wò Ń Wá Nínú Tíísìsì Ọ̀mọ̀wé

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe àwọn olùkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń pinnu bóyá oyè ọ̀mọ̀wé tọ́ sí i. Yunifásítì rẹ̀ yóò fi tíísìsì náà ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì mìíràn, ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà rárá. Òun ni yóò kà á, tí yóò kọ ìròyìn lé e lórí, tí yóò sì bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ níbi dífẹ́ǹsì.

Lójú tèmi, orí kìíní àti orí ìparí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ pọ̀: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ní òun fẹ́ mọ̀, kí ló sì ní òun rí? Àárín méjèèjì ni wàhálà máa ń sá pamọ́ sí.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ bá 300 àgbẹ̀ kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdajì wọn ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, ìdajì kò gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì rí i pé àwọn tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ń kórè ju àwọn yòókù lọ. Ó wá parí rẹ̀ pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ ló fà á. Ìṣirò rẹ̀ lè pé pérépéré, síbẹ̀ kí ìparí náà má dúró. Olùyẹ̀wò tó fara balẹ̀ yóò padà sí àtẹ tó ṣàpèjúwe àwọn àgbẹ̀ náà. Bó bá rí i níbẹ̀ pé igi àwọn tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọdún 14, tí ti àwọn yòókù sì ti lé ní 30, ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí kòkó tó ti gbó kì í so bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Báwo ni yóò ṣe kọ èyí? “Ìṣirò kò dára tó” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kó kọ nìyí: “Ojú ewé 112: ẹ̀rí fi hàn pé ìkórè wọn yàtọ̀ síra, kò fi ohun tó fà á hàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìṣirò ṣe, kí ó ka ọjọ́ orí igi àti ìtóbi oko mọ́ ọn, kí gbólóhùn ìparí sì tẹ̀ lé ohun tó bá jáde.” Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ohun tó ti kó jọ ṣe èyí láì tún padà sóko. Síbẹ̀, bí kò bá mọ iye tí wọ́n ń kórè kí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó dé, àtúnṣe yìí náà kò ní fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ tán. Ó gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ìròyìn tún gbọ́dọ̀ ya ohun tó pọn dandan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wu olùyẹ̀wò lásán. Ìwé tó wù ú kí wọ́n tọ́ka sí kò gbọ́dọ̀ dá oyè ẹnikẹ́ni dúró. Lẹ́yìn náà ni ìdájọ́: kí ó gbà á bẹ́ẹ̀, kí ó ní kí wọ́n ṣàtúnṣe kékeré tàbí ńlá, tàbí kí ó kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹlòmíràn ni yóò fi ìròyìn yín yẹ àtúnṣe náà wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ojú ewé, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe síbẹ̀.