Nígbà tí Láàbù Bá Ní Òun Kò Rí Òjé Nínú Omi

Ẹnì kan gbé omi bọ̀hóòlù rẹ̀ lọ sí láàbù kí wọ́n bá òun wò ó bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Èsì dé: a kò rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ku ohun kan tó yẹ kó bi wọ́n: òjé náà ì bá pọ̀ tó mélòó kí ẹ tó rí i? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òjé inú omi mímu má kọjá máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, iye yẹn náà sì ni ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà gbé kalẹ̀. Bí ẹ̀rọ láàbù kò bá lè rí ohun tó kéré sí 50, omi tó ní 30 yóò gba èsì “a kò rí i” bó ti wù kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ààlà méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ààlà rírí ni iye tó kéré jù tí láàbù lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òjé wà. Ààlà wíwọ̀n ga ju ìyẹn lọ: òun ni iye tó kéré jù tí wọ́n lè fi nọ́ńbà kọ sínú ìwé èsì kí ènìyàn sì gbára lé e.

Bíláǹkì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n ti sọ di mímọ́ gaara ni, tí òjé kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sí omi oníbàárà ni wọ́n á ṣe sí i: irú ìgò kan náà, ásíìdì kan náà, gbígbóná kan náà. Ẹni tó bá kàn ń da omi mímọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ léraléra, ẹ̀rọ nìkan ló dán wò. Kò tíì mọ ohun tí ásíìdì, ìgò àti eruku yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ń dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká ní láàbù kan ṣe bíláǹkì mẹ́wàá, tí ẹ̀rọ sì kà á báyìí: 0.3, 0.6, 0.1, 0.5, 0.4, 0.7, 0.2, 0.4, 0.6, 0.2. Bí a bá pín in dọ́gba, 0.4 ni. Bí wọ́n ṣe ń fò sókè sódò yí 0.4 ká, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.2. Bí a bá wá fi 1.645 lọ́po 0.2 yìí, tí a fi kún 0.4, a óò rí 0.73. Nínú 100 bíláǹkì, bíi márùn-ún péré ni yóò kọjá ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní 0.73 ni ààlà rírí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí òjé tòótọ́ inú rẹ̀ ń mú kí ẹ̀rọ ka 0.73, òun náà ń fò sókè sódò. Nínú ẹ̀ẹ̀mejì tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, a óò pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lloyd Currie, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ló la èyí yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1968: àṣìṣe kan wà pé ká ní ó wà nígbà tí kò sí, òmíràn wà pé ká ní kò sí nígbà tó wà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po òjé díẹ̀ sínú omi mímọ́, ká ní máíkírógíráàmù 1 nínú lítà, tí wọ́n á tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí fífò tirẹ̀ bá jẹ́ 0.25, 1.645 lọ́nà 0.25 jẹ́ 0.41. A fi í kún 0.73, ó di 1.14. Ààlà rírí nìyẹn. Ààlà wíwọ̀n sábà máa ń jẹ́ 0.4 pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́wàá 0.2, ìyẹn 2.4. Láàbù tó mọṣẹ́ kò ní fi ìṣirò nìkan gbà á: yóò po òjé 2 sínú omi, èyí tó yẹ kí ẹ̀rọ kà sí 2.4, yóò wò ó bóyá iye tó ń jáde kò ṣáko ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. A kò tíì yọ 0.4 bíláǹkì kúrò nínú àwọn ààlà méjèèjì yìí o. Ẹni tó bá ń yọ ọ́ nínú èsì oníbàárà gbọ́dọ̀ yọ ọ́ níbí náà.

Òjé tí wọ́n pò yìí tún ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀tàn kan. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń kọ òdo sílẹ̀ nígbàkígbà tí ohun tó rí bá ti kéré jù. Bíláǹkì mẹ́wàá á jẹ́ òdo mẹ́wàá, ìṣirò á sì ní ààlà rírí jẹ́ òdo, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà kò lè pàdánù ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá po òjé 50 dípò 1, fífò rẹ̀ á pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ààlà á sì ga láìnídìí.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan kò tó. Ní 2017, àjọ ààbò àyíká Amẹ́ríkà tún ìlànà tirẹ̀ ṣe, wọ́n ní kí àwọn láàbù pín bíláǹkì àti omi tí wọ́n po nǹkan sí yìí sí ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n ṣírò ti méjèèjì, kí wọ́n sì mú èyí tó ga jù. Ọjọ́ kejì ni ìgò tí wọn kò fọ̀ dáadáa máa ń yọjú. Ká ní bíláǹkì kọkànlá láàbù wa ka 3.0: fífò náà kúrò ní 0.2, ó di 0.81, ààlà wíwọ̀n sì fò láti 2.4 dé 8.7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 10 tí ìlànà sọ. Ó máa ń ṣe òṣìṣẹ́ bíi kó fà á nù. Bó bá rí ìgò tó dọ̀tí náà, kó fà á nù, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí i, 3.0 náà wà lára ohun tí láàbù yẹn ń ṣe lójoojúmọ́, 8.7 ló sì yẹ kó kọ sínú ìwé èsì.