Títún Àfòmọ́ Ìbámu àti Àlàfo Ọ̀rọ̀ Ṣe Nínú Ọ̀rọ̀ Ìkíni-Káàbọ̀ Lédè Súlù

Nínú èdè Súlù, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń darí gbólóhùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ àti èyí tó ń sọ ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbé àmì rẹ̀ síwájú. Àmì yìí ni a ń pè ní àfòmọ́ ìbámu. Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Bí Yorùbá bá sọ pé “àlejò wa”, “ilé-ẹ̀kọ́ wa” tàbí “ọjọ́ wa”, “wa” kan náà ló ń lò. Súlù ní tirẹ̀ yóò sọ pé izivakashi zethu, isikole sethu, usuku lwethu. Ọ̀rọ̀-orúkọ yí padà, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì náà yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ ni àṣìṣe irú èyí ti máa ń pọ̀ jù, bó tilẹ̀ kúrú. Láàárín ìlà mélòó kan, olùsọ̀rọ̀ yóò dárúkọ òbí, akẹ́kọ̀ọ́, àlejò, ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ náà àti ayẹyẹ fúnra rẹ̀, ìpín ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n sì wà kò dọ́gba. Àpẹẹrẹ tó tẹ̀lé yìí jẹ́ irú ohun tí ẹni tó kọ́ Súlù lẹ́yìn tó ti dàgbà lè kọ fún ìpàdé àwọn òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní KwaZulu-Natal, lórílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà:

“Sawubona abazali na abafundi na izivakashi. Ngi ya ni amukela nonke ku lolusuku omkhulu. Isikole wethu u ya jabula ukuba na ni. Izivakashi bethu ba vela eThekwini. Si ya ba bonga. Umcimbi wethu lu zo qala manje. Ngi ya bonga kakhulu.”

Ohun tó fẹ́ sọ yé ènìyàn: ó kí àwọn òbí, akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ dùn láti wà pẹ̀lú wọn, ó ní àwọn àlejò wá láti eThekwini, ìyẹn ìlú Dọ́bán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní ayẹyẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò ní àtúnṣe.

Àlàfo ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí ó ṣòro láti rí àfòmọ́ tó ṣì nígbà tí a bá ti gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Nínú “Ngi ya ni amukela”, ègé mẹ́rin ló dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ngi ni “mo”, ya ń fi hàn pé nǹkan náà ń lọ lọ́wọ́, ni ni “yín”, amukela sì ni “gbà tọwọ́tẹsẹ̀”. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọmọ Súlù lè dá sọ tí yóò ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń gbọ́. Bí wọ́n bá bi í pé “Ta ni?”, kò lè dáhùn pé “Ngi”, mina ni yóò sọ. Nítorí náà, a óò so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá sì ti so wọ́n pọ̀, i tó wà nínú ni yóò jẹ níwájú a tó bẹ̀rẹ̀ amukela, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì kù: ngiyanamukela.

Ọ̀nà mìíràn wà tí etí fi lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Bí ọmọ Súlù bá dá ọ̀rọ̀ kan pè, sílébù tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ló máa ń fà. Nínú ngiyanamukela, ke ló ń fà, ibẹ̀ nìkan sì ni. Kò sí fífà lórí ngi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí ya. Clement Martyn Doke, onímọ̀ èdè tó kọ́ni ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, wà lára àwọn tó fi irú ẹ̀rí yìí jà fún kíkọ ọ̀rọ̀ Súlù pọ̀. Ìwé gírámà Súlù tó kọ jáde ní ọdún 1927, ìwé atúmọ̀ èdè tí òun àti Benedict Wallet Vilakazi jọ ṣe sì jáde ní ọdún 1948, lẹ́yìn ikú Vilakazi. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìwé Súlù àtijọ́ kò ṣe déédéé: ibì kan á so ọ̀rọ̀ pọ̀, ibòmíràn á gé e.

Èdè Sésótò jẹ́ ìbátan Súlù, ètò gírámà wọn sì jọra gan-an, síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ yàtọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, Ke a le amohela ni ẹni tó ń kọ Sésótò yóò kọ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, fún ohun tí Súlù fi ọ̀rọ̀ kan kọ. Ẹni tó bá fi Sésótò kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó máa kọ Súlù sábà máa ń gbé àlàfo yẹn wá. Ti ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ náà kò yàtọ̀, nítorí ó ti mọ “mo” àti “yín” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó dá dúró.

Ìlànà kan náà yóò tún u ya jabula, ba vela, lu zo qala àti Ngi ya bonga ṣe ní ti àlàfo. Na tó túmọ̀ sí “àti” tàbí “pẹ̀lú” kì í dá dúró pẹ̀lú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, fáwẹ̀lì méjèèjì yóò sì yọ́ pọ̀: a àti i di e, a àti u di o, a àti a sì di a kan ṣoṣo. Nípa bẹ́ẹ̀, na izivakashi di nezivakashi, na abafundi di nabafundi. Na ni ti ìparí gbólóhùn kẹta náà di nani.

Ibì kan ṣoṣo ni a ti ní láti ya ọ̀rọ̀ dípò kí a so ó. “Lolusuku” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì: lolu, “yìí”, àti usuku, “ọjọ́”. Bí ọ̀rọ̀ atọ́ka bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-orúkọ náà yóò ju fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n yóò dá dúró: lolu suku, lo mcimbi, lesi sikole. Pípè rẹ̀ máa ń tan ènìyàn, nítorí ẹnu kì í sinmi láàárín wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ Súlù pàápàá sì máa ń kọ ọ́ pọ̀ nínú lẹ́tà. Ìlànà àkọtọ́ ní kí a yà á. Ku tó ṣáájú ni kí a so mọ́ lolu: kulolu suku.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan àfòmọ́ ìbámu. A óò mú ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò wá ẹyọ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀, nítorí méjèèjì pọ̀ ló ń tú àṣírí ìpín tó wà. Lẹ́yìn náà la óò máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin gbólóhùn. Ẹ̀rọ tó ń yẹ sípẹ́lì wò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnni, nítorí bavela jẹ́ ọ̀rọ̀ Súlù tó péye. Àṣìṣe rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ izivakashi tó dúró sí ló ti di àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ izivakashi yìí ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Ènìyàn ni àlejò, abantu tó túmọ̀ sí “àwọn ènìyàn” sì ń gba ba, bẹ́ẹ̀ ni abazali àti abafundi. Akọ̀wé wa fi ìtumọ̀ ṣe atọ́nà, ó kọ bethu àti ba. Ṣùgbọ́n ìrísí ọ̀rọ̀ ni gírámà Súlù ń wò. Ẹyọ rẹ̀ ni isivakashi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni izivakashi, nínú ìpín kan náà pẹ̀lú isikole àti izikole. Nítorí náà, zi ni yóò máa tẹ̀lé e: Izivakashi zethu zivela eThekwini. Isikole, tó jẹ́ ẹyọ, ń gba si: Isikole sethu siyajabula.

Wàhálà usuku yàtọ̀. U ló fi bẹ̀rẹ̀, umcimbi, “ayẹyẹ”, náà sì fi u bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé wa sì gbé àfòmọ́ ọ̀kan fún èkejì. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò là wọ́n níjà. Usuku di izinsuku, nítorí náà lu ni tirẹ̀: usuku olukhulu, usuku lwethu. Umcimbi di imicimbi, u sì ni tirẹ̀: umcimbi omkhulu, umcimbi wethu uzoqala. Ẹni tó bá ń há ọ̀rọ̀ Súlù sórí láìhá ọ̀pọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ń tọ́jú ìdajì.

“Si ya ba bonga” ló gba ìrònú jù. Ba níbẹ̀ ń tọ́ka sí àwọn àlejò, nítorí náà zi ló yẹ: siyazibonga. Gírámà rẹ̀ tọ́. Àmọ́ zi kan náà ni Súlù ń lò fún ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ara rẹ̀, siyazibonga sì lè dún létí bíi “a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa”. Lórí pèpéle, níwájú àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kò yẹ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí a tún orúkọ wọn dá: Sibonga izivakashi zethu. Ya ti kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti ní ohun tó tẹ̀lé e tó kún un.

Ó ku ìkíni tó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ń kí ní Sawubona. Èrò púpọ̀ ni Sanibonani wà fún. Bí a bá sì ń pe ènìyàn tààrà, ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń ju fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ nù: abazali di bazali, abafundi di bafundi, uthisha, “olùkọ́”, di thisha. Èyí tí na bá ti lẹ̀ mọ́ kò tún jù ú nù mọ́, torí fáwẹ̀lì rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ti na.

Ọ̀rọ̀ náà wá di:

“Sanibonani bazali, bafundi nezivakashi. Ngiyanamukela nonke kulolu suku olukhulu. Isikole sethu siyajabula ukuba nani. Izivakashi zethu zivela eThekwini. Sibonga izivakashi zethu. Umcimbi wethu uzoqala manje. Ngiyabonga kakhulu.”

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yìí lò ní ọdún tó tẹ̀lé e, tó sì jẹ́ àlejò kan ṣoṣo ló wá, pípa izi rẹ́ níbì kan kò tó. Isivakashi sethu sivela eThekwini ni yóò jẹ́. Sivela bá “a ti ibẹ̀ wá” dọ́gba bó bá dá dúró, nítorí náà kò yẹ kí a yọ orúkọ àlejò kúrò níwájú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ mínísítà ni àlejò náà, ìpín tún yí padà: UNgqongqoshe uvela eThekwini, lẹ́tà ńlá méjì níwájú nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Nígbà náà, Siyambonga tó láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí m kò ní ìtumọ̀ méjì bíi ti zi.