Bí Ìyá Ṣe Lè Gba Físà Lọ Kí Ọmọ Rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá wa tí ọmọ yín ń pè sí Lọ́ńdọ̀nù, físà àlejò ni kí ẹ béèrè. Ó fàyè gba ìbẹ̀wò tí kò ju oṣù 6 lọ. Ìgbà tí ìrìn àjò bá ku oṣù 3 ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí gov.uk, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí ẹ ó lọ sí ibùdó físà. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gba ìtẹ̀ka yín, tí wọn yóò sì ya fọ́tò yín. Èsì sábà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 3.

Ẹ kó páàsípọ́ọ̀tù, ìwé báńkì oṣù 6, ẹ̀rí iṣẹ́ tàbí ìfẹ̀yìntì, àti lẹ́tà tí ọmọ fi pè yín jọ.

Ìwé báńkì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ká ní owó ìfẹ̀yìntì màmá kan jẹ́ 60,000 náírà lóṣù, tí 2,000,000 náírà wá ṣàdédé wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Òṣìṣẹ́ físà lè rò pé ó yá owó náà ni. Bó bá jẹ́ ọmọ ló fi ránṣẹ́, kí ọmọ kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀, kó sì fi ìwé báńkì àti ìwé owó oṣù tirẹ̀ tì í. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ni yóò gbé gbogbo ìnáwó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.