Yíya Àwòrán Nínú Gbọ̀ngàn Tí Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ Kò Tó, Láìlo Fíláàṣì

Ní alẹ́ ìsìn orin Kérésì kan, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ni a yàn láti ka ẹ̀kọ́ kẹta. A ti pa ọ̀pọ̀ iná gbọ̀ngàn. Àbẹ́là wà lọ́wọ́ àwọn akọrin, gílóòbù méjì péré ni ó sì ń tàn lókè pèpéle. A ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo fíláàṣì, ìkéde náà sì tọ́, nítorí pé fíláàṣì kékeré orí kámẹ́rà a máa pa ẹwà iná àbẹ́là run, a sì máa bu mànà sí ojú ẹni tí ń kàwé. Mo dìde, mo ya àwòrán mọ́kànlá, mo sì jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Nígbà tí mo délé tí mo wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹyọ kan tí mo lè fi han ìyá ọmọ náà. Ojú rẹ̀ dà bí ọ̀dà tí a fi ọwọ́ nù kí ó tó gbẹ.

Kámẹ́rà a máa kọ iṣẹ́ tí ó ṣe sílẹ̀ sára àwòrán kọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo bá níbẹ̀: f/5.6, 1/8, ISO 800. Mo ti fi gbogbo ìpinnu lé kámẹ́rà lọ́wọ́, ohun tí ó sì yàn fún mi nìyí.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì ti tóbi tó. Òdì ni kíkà rẹ̀: bí nọ́ńbà ti ń kéré sí i ni ihò ń fẹ̀ sí i. Bí a bá lọ láti 5.6 sí 4, láti 4 sí 2.8, àti láti 2.8 sí 2, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Nọ́ńbà kejì jẹ́ ti ṣọ́tà, ìbòjú tí ń ṣí tí ó sì ń padà dé nínú kámẹ́rà: 1/8 ni ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi ṣí sílẹ̀. Bí a bá lọ sí 1/15, sí 1/30, sí 1/60, sí 1/125, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù sí ìdajì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. ISO ni ẹ̀kẹta, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ó rí gbà ga. Láti 800 sí 1600 jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, láti 1600 sí 3200 jẹ́ òmíràn. Ìgbésẹ̀ kan níbí dọ́gba pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kan lọ́hùn-ún, nítorí náà ohun tí a bá yọ kúrò lára ọ̀kan, a lè fi òmíràn dí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá tún ẹjọ́ mi dá. Ọmọ tí ń kàwé a máa gbé orí sókè, a máa ṣí ewé Bíbélì, ara rẹ̀ kì í sì í dúró gbọn-in. Ní 1/8, ó ti kúrò níbi tí ó wà kí ṣọ́tà tó padà dé. 1/125 ni ó yẹ irú rẹ̀, láti 1/8 dé ibẹ̀ sì jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Níbo ni a ó ti rí mẹ́rin padà? Lẹ́ńsì tí ó bá kámẹ́rà mi wá kò lè ṣí ju 5.6 lọ nígbà tí mo bá fi fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ mi. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo yá lẹ́ńsì 50mm tí ó lè ṣí dé f/1.8. Mo ṣí i dé f/2, ìyẹn ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé ISO láti 800 sí 1600, ó di mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ojú òǹkàwé dá ṣáká.

Ẹni tí kò rí irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ yá kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Ẹ má ṣe fa àwòrán súnmọ́ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ọn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ní 18mm, lẹ́ńsì kan náà a máa ṣí dé f/3.5, èyí tí ó ju ìgbésẹ̀ kan lọ díẹ̀. ISO 6400 yóò sì pèsè mẹ́ta yòókù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ISO gíga nítorí àwọn èérún bí iyanrìn tí ń hàn níbi tí ó ṣókùnkùn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ àwòrán sórí ìwé, èérún náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú ojú, nígbà tí kò sí oògùn fún ojú tí ó ti rú. Ẹni tí ó sì fi ISO sílẹ̀ nísàlẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, tí ó wá ń tàn án sí i nílé, èérún kan náà ni yóò bá pàdé, nígbà mìíràn ní ọ̀nà tí ó burú jù.

Ihò tí ó fẹ̀ ní owó tirẹ̀ tí a ń san. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm yẹn lórí kámẹ́rà bí tèmi, tí f/2 bá wà níbẹ̀, tí òǹkàwé sì wà ní mítà 4 sí mi, nǹkan bí ìdajì mítà péré ni ó ń hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èyí tó fún ẹnì kan. Kò tó fún ẹgbẹ́ akọrin tí ó tò ní ìlà méjì. Àwọn ti ẹ̀yìn yóò di kùrukùru. Fún wọn, mo dín ihò kù sí f/4, mo pàdánù ìgbésẹ̀ méjì, mo sì gba ọ̀kan padà lọ́wọ́ ṣọ́tà ní 1/60 àti ọ̀kan lọ́wọ́ ISO ní 3200. Mo ń dúró de ìparí ìlà orin, nígbà tí wọ́n bá fa ohùn gùn tí ẹnu gbogbo wọn sì ṣí sílẹ̀ láìmira, kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Bí àwòrán bá ṣì rú, ẹ wo ògiri ẹ̀yìn. Bí ògiri náà bá rú pẹ̀lú ènìyàn, ọwọ́ yín ni ó gbọ̀n. Ẹ fara ti òpó, tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà lé orí ìjókòó. Bí ògiri bá dá ṣáká tí ọwọ́ ọmọ sì rú, ọmọ ni ó mira, ṣọ́tà ni kí ẹ mú yá. Lẹ́ńsì tí ń gba ọwọ́ gbígbọ̀n mọ́ra kò lè ran yín lọ́wọ́ nínú ti ẹ̀kejì yìí. Bí etí bá sì hàn kedere tí ẹyinjú kò hàn, ibi tí kò yẹ ni kámẹ́rà wò.

Ẹ̀tàn kan tún wà. Bí aṣọ ìkélé dúdú bá kún ẹ̀yìn, kámẹ́rà a rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, a sì fi kún un títí aṣọ funfun akọrin yóò fi di kìkì funfun tí kò ní ìṣẹ́po kankan mọ́. Nítorí náà mo ń lo ipò M, mo ń pa ISO tí ń yan ara rẹ̀, mo sì ń ya ẹni tí ń tò àga kí èrò tó dé. Mo ń sọ àwòrán náà di ńlá, mo sì ń wo ojú àti aṣọ rẹ̀. Bí aṣọ bá ti jó, mo dín ìgbésẹ̀ kan kù.

Àwòrán ìdánwò yẹn ni ó fi ohun kan hàn mí tí n kò retí: ọ̀já dúdú tí ó dábùú ògiri. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà irú gílóòbù kan ń tàn ó sì ń rẹlẹ̀ ní ìgbà 100. Ṣọ́tà tí ó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ká a mọ́ ìrẹ̀sílẹ̀. Mo yí 1/125 padà sí 1/100, ọ̀já náà sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ó ń gbé iná, tí kò sáré déédéé, ọ̀já náà lè padà wá láàárín ìsìn; nígbà náà, ẹ tún sọ̀kalẹ̀ sí 1/50, kí ẹ sì dúró de ìgbà tí òǹkàwé bá dánu dúró láti mí.