Ìdí Tí Akápò Fi Dá Ìròhìn Owó Padà

Inú ìgbìmọ̀ tí ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì ní abúlé kan kò dùn nígbà tí akápò ìjọba ìbílẹ̀ dá ìròhìn owó wọn padà. Àwọn kan rò pé ó fura sí wọn ni. Owó ìpín kejì kò tíì jáde, káfíńtà sì ń dúró de owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí akápò fi bá ìròhìn náà lọ ṣe àlàyé yékéyéké.

Ìròhìn náà sọ pé sìmẹ́ńtì gba ₦1,450,000, irin gba ₦960,000, páànù àti igi gba ₦1,850,000, owó iṣẹ́ sì jẹ́ ₦870,000. Àròpọ̀ rẹ̀ ni ₦5,130,000. Ẹni tí ó rò ó pọ̀ kò ṣìṣe rárá. Ṣùgbọ́n ₦4,860,000 péré ni ìwé báńkì fi hàn pé ó jáde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦270,000.

Akápò kọ́kọ́ pín ìyàtọ̀ náà sí ọ̀nà 9, kò sì ṣẹ́kù. Bí akọ̀wé bá gbé nọ́mbà méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn sí ipò ara wọn, bí ẹni kọ 85 dípò 58, ìyàtọ̀ tí yóò wáyé a máa ṣe é pín sí 9 nígbà gbogbo. Níwọ̀n bí ₦270,000 ti jẹ́ ₦90,000 lọ́nà 3, nọ́mbà méjì tí ọ̀kan fi 3 ju èkejì lọ ni ó yẹ kí a wá. Ibi méjì ni ó bá a mu: 85 nínú owó páànù àti igi, àti 96 nínú owó irin.

Ìṣirò yìí kò lè dá ẹjọ́. Ibi tí a ó wò ni ó ń fi hàn. Owó tí ènìyàn jí náà lè ṣe é pín sí 9! Rìsíìtì ni ó yanjú rẹ̀: ti irin bá ìròhìn mu, ṣùgbọ́n ₦1,580,000 ni ti páànù àti igi.

Kí ló dé tí akápò kò fi tún un ṣe fúnra rẹ̀? Alága àti akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni ó fọwọ́ sí ìròhìn náà. Bí kálámù ẹlòmíràn bá kàn án, kì í ṣe tiwọn mọ́. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ₦6,500,000 tí a fún wọn, ìwé yóò sọ pé ₦1,370,000 ni ó kù, nígbà tí ₦1,640,000 wà ní báńkì. ₦270,000 yóò wà níbẹ̀ tí kò sí ìwé tí ó mọ̀ ọ́n.

Akápò ní kí wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo la nọ́mbà tí ó ṣì, kí ó ṣì ṣe é kà, kí wọ́n kọ èyí tí ó tọ́ sókè rẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọn kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ibi mẹ́ta ni wọn yóò ti ṣe é: níbi owó páànù àti igi, níbi àròpọ̀, àti níbi owó tí ó kù. Àwọn tí ń tún ibi kan ṣoṣo ṣe ni ìròhìn wọn máa ń padà lẹ́ẹ̀kejì.