Bí A Ṣe Ń Pín Agbára fún Kìlómítà 42

Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá eré máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó, oṣù kejì ọdún ni wọ́n sì máa ń sá a. Àwọn sárésáré á gbéra láàárọ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, wọn á gba orí afárá gígùn tó la ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Èkó, wọn á sì parí rẹ̀ létí òkun ní Èkó Àtìláńtíìkì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan ní Rore nílẹ̀ Ìgbómìnà, tó ń fi ọ̀nà Òmù-Àrán gbára dì, fẹ́ parí eré yìí ní wákàtí 4. Bó ṣe yẹ kó ṣe é ni pé kí ìdajì méjèèjì gba iye àkókò kan náà, tàbí kí ìdajì àkọ́kọ́ lọ́ra díẹ̀ ju ìkejì lọ. Ohun tó mú kó ṣòro ni pé ìbẹ̀rẹ̀ eré ni ara ń fúyẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ náà sì ni èèyàn ń ba eré rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí ara ń jó. Nǹkan méjì ni iṣan ń lò tí a bá ń sáré: ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, àti ọ̀rá. Ọ̀rá pọ̀ lára ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá, kì í tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń jó bí ìtì igi ńlá. Ṣúgà ló dà bí ìṣẹ́pẹ́ gbígbẹ: ó ń yára gbiná, ó sì ń yára tán. Bí eré bá ṣe ń le sí i ni ara ń fi ọ̀rá sílẹ̀, tí ó ń fa ṣúgà. Tí a bá sá kìlómítà kan, nǹkan bíi kálórì kan ló ń lọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí a wọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 70 á lo nǹkan bíi kálórì 2,950 kó tó dé òpin, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣúgà tó wà nípamọ́ lára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kálórì 2,000 lọ. Ọ̀rá ló gbọ́dọ̀ ṣe ìyókù. Ẹni tó bá fi eré líle bẹ̀rẹ̀ ti ná ṣúgà níbi tí ọ̀rá ìbá ti ṣiṣẹ́, àìtó rẹ̀ á sì hàn láàárín kìlómítà 30 sí 35.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí èèyàn tó lè parí ní wákàtí 4, kìlómítà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 41, èyí tí aago ọwọ́ máa ń kọ ní 5:41. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin wa sá kìlómítà 15 àkọ́kọ́ ní 5:15, torí pé kò rẹ̀ ẹ́. Á jèrè ìṣẹ́jú 6 ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí 5:41 títí dé kìlómítà 30. Ibẹ̀ ni ṣúgà tán, tí kìlómítà kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìṣẹ́jú 7 lọ́wọ́ rẹ̀. Kìlómítà 12 tó kù á mú kó pàdánù ìṣẹ́jú 16. Á parí ní nǹkan bíi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 9 ààbọ̀, pẹ̀lú ìrora tó pọ̀.

Ká wá ní ó sá ìdajì àkọ́kọ́ ní 5:44. Á kọjá kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú 57 àti àáyá 20, á sì dé ìdajì ọ̀nà ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 1. Tó bá wá fi 5:38 sá ìyókù, á dé kìlómítà 30 ní 2:51, á sì parí ní 3:59:48. Iye àkókò wọ̀nyí ló yẹ kó fi bírò kọ sí ọwọ́, torí pé ọpọlọ kì í ṣírò dáadáa nígbà tó bá ti rẹ̀. Irú eré tí ìdajì kejì yá ju àkọ́kọ́ lọ yìí náà ni Kelvin Kiptum ọmọ Kẹ́ńyà sá ní Ṣikágò ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tó parí ní 2:00:35, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ìdajì àkọ́kọ́ gbà á ní ìṣẹ́jú 60 àti àáyá 48, ìkejì gbà á ní ìṣẹ́jú 59 àti àáyá 47.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí dá lórí pé wákàtí 4 tó sí agbára ẹni náà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ sárésáré fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí wọ́n mú àkókò tí wọ́n fi sá kìlómítà 21 láìpẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di méjì, kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 10 sí 20 kún un. Ẹni tó fi 1:52 sá kìlómítà 21 lè fojú sí wákàtí 4. Ará Ìgbómìnà gbọ́dọ̀ tún ro ti ojú ọjọ́ mọ́ ọn. Ní àkókò ọyẹ́, òwúrọ̀ ní Rore tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, òógùn ń tètè gbẹ lára, ara sì ń tutù. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn kàn ń ṣàn sílẹ̀ ni, ooru sì ń gbé inú ara. Ẹni tó bá máa lo wákàtí 4 á pàdé oòrùn lójú ọ̀nà. Tí òwúrọ̀ ọjọ́ náà bá ti móoru kí wọ́n tó gbéra, kó fi àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àìtó ṣúgà tí a sọ ṣáájú ṣeé dín kù lójú ọ̀nà. Láàárín wákàtí kan, inú ọ̀pọ̀ èèyàn lè gba ṣúgà gíráàmù 30 sí 60. Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Tí ẹ bá po glúkóòsì gíráàmù 30 sínú rẹ̀, kò ní ki jù fún ikùn. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún ní bíi ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn tí ẹ gbéra, díẹ̀díẹ̀, kó tó rẹ̀ yín, torí pé ohun tí a bá mu ní kìlómítà 32 kò tètè dé iṣan. Ẹ dán an wò nílé kó tó di ọjọ́ eré, kí inú má bàa dà rú. Ẹ má sì fi ipá mu omi ju bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ yín lọ, nítorí àmujù omi máa ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì léwu.

Síbẹ̀, kí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárẹ̀ á dé lẹ́yìn kìlómítà 30, kí a sì mọ irú èyí tó dé. Tí itan bá ń dunni, tí ẹsẹ̀ ń le díẹ̀díẹ̀, iṣan ló ti fara pa nínú ìlùmọ́lẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbésẹ̀. Ẹ gé ìgbésẹ̀ kúrú, ẹ jẹ́ kó yá, ẹ gbà kí kìlómítà kọ̀ọ̀kan fi àáyá 10 sí 15 falẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òjijì ni agbára tán, tí orí ń ṣú, tí èèyàn kò lè ro nǹkan pọ̀, ṣúgà ló tán. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ mu glúkóòsì, kí ẹ tó tún sáré pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n tí ara bá ń rí wùúwùú bí ẹni tí òtútù mú nínú ooru, tí òyì ń kọ́ni, tí ẹsẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ooru ti wọ ara jù. Ẹ dúró, ẹ wá ibòji, kí wọ́n da omi lé yín lórí, kí wọ́n sì pe àwọn olùtọ́jú. Eré ọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

Orí òkè ọ̀nà Òmù-Àrán ni a ti lè kọ́ bí a ṣe ń pa eré mọ́. Tí ọ̀nà bá gòkè, ẹ jẹ́ kí aago falẹ̀, kí mímí má yí padà. Nínú eré gígùn ìparí ọ̀sẹ̀, kìlómítà 26 bí àpẹẹrẹ, ẹ sá 18 àkọ́kọ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fi eré tí ẹ fẹ́ sá ní Èkó sá 8 ìkẹyìn. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn láìjẹ̀rora, àfojúsùn rẹ̀ ti ga jù, kó sì fi ìṣẹ́jú 10 kún un. Ní ọjọ́ eré fúnra rẹ̀, kìlómítà 10 ni kí ẹ ti yẹ ara yín wò: tí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, ẹ ti yá jù, ẹ falẹ̀ lójú ẹsẹ̀.