Àárẹ̀ Tí Oorun Kò Lè Mú Lọ

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú sáà kejì, mo mú ìwé àròkọ ọmọ ilé-ìwé kan, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo kà. Mo tún un kà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó rí i pé máàkì ti wà lórí rẹ̀, tí èmi fúnra mi fi bírò pupa kọ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ìwé girama aládàáni kan ní Abẹ́òkúta, ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́ náà sì nìyẹn. Títí di ọjọ́ náà, mo gbà pé ó kàn rẹ̀ mí ni. Ta ni kì í rẹ̀?

Nígbà tí mo wẹ̀yìn wò, mo rí i pé àwọn àmì kan ti ń kì mí nílọ̀ fún oṣù mélòó kan. Oorun ló kọ́kọ́ yí padà. Mo lè sun wákàtí 8 kí n sì jí bí ẹni tó ru bíríkì mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi yí padà. Àwọn ọmọ tí mo máa ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan di “àwọn wọ̀nyí.” Ọmọbìnrin kan wá sọ fún mi pé ìyá òun wà nílé ìwòsàn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àròkọ rẹ̀ yóò pẹ́ dé ọwọ́ mi. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni àmì tí n kò bá má fojú fò. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ mi: ẹ̀kọ́ tí mo ń fi ìṣẹ́jú 30 múra rẹ̀ ń gba wákàtí 2, kò sì tún já geere.

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni mo kà á pé ohun mẹ́ta yìí gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní ọdún 2019: okun tó tán, ọkàn tó jìnnà sí iṣẹ́ tàbí tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, àti iṣẹ́ tí kò gún mọ́. Àjọ náà kò pè é ní àìsàn. Ó ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ lára, tí a kò bójú tó dáadáa, ló ń fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra oògùn amáralókun, bí ẹni pé ara mi ni àléébù náà wà.

Síbẹ̀, mo lọ rí dókítà, ó sì tọ́ kí n lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára, ibà àti àrùn ṣúgà náà lè mú kí ó máa rẹ ènìyàn. Kò rí ìkankan nínú wọn. Ó wá bi mí pé, “Bí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́, ṣé oúnjẹ ṣì ń dùn lẹ́nu yín? Ṣé ẹ ṣì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí adùn bá ti kúrò nínú ohun gbogbo, tàbí bí mo bá ń rò pé ó sàn kí n má sí láyé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kí n má dúró di ọ̀la kí n tó padà wá.

Ìsinmi ìparí sáà dé. Mo fi ọ̀sẹ̀ 2 sùn, mo sì wo fíìmù títí ojú fi ń ta mí. Nígbà tí iṣẹ́ wọlé, ọjọ́ 4 péré ni ara tó tù mí fi gbé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé n kò kúrò níbi iṣẹ́ rárá. Àwọn òbí ń kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù ní agogo 10 alẹ́, mo sì ń dá wọn lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ara dùbúlẹ̀, ọkàn ṣì wà ní kíláàsì.

Ìyá kan ní àdúgbò wa, tí ó ń ṣe àdìrẹ, ló gbà mí láìmọ̀. Mo lọ kí wọn ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n bá wọn fi ìko so aṣọ. “Ẹ jókòó, tísà. Ẹ so ó kí ó le, bí ó bá rọ̀, aró á wọ inú rẹ̀.” Kí n tó mọ̀, wákàtí 2 ti kọjá, n kò sì rántí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kó sínú aró kò lè di fóònù mú. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ènìyàn jókòó láìṣe nǹkan kan àti kí ọkàn rẹ̀ rí ibòmíràn gbé. Mo ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n àdìrẹ kò lè dín ìwé àròkọ kù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bébà, mo ka wákàtí mi. Kíláàsì 4 ni mo ń kọ́, ọmọ 42 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròkọ kan lọ́sẹ̀: ìwé 168. Bí mo bá lo ìṣẹ́jú 6 lórí ìwé kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17. Mo lè ṣe 4 nínú rẹ̀ ní ilé-ìwé, 13 yóò bá mi délé. Wákàtí 37 àti ààbọ̀ ni mo ń lò ní ilé-ìwé lọ́sẹ̀. Ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ ń gba 4, ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé ní àárọ̀ ń gba 3, ìbéèrè àwọn òbí sì ń gba 7. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 64 àti ààbọ̀. Mo wo iye yẹn fún ìgbà pípẹ́. Fún ọdún mélòó kan ni mo ti ń pe ara mi ní ọ̀lẹ.

Mo mú bébà náà lọ bá ọ̀gá àgbà wa. N kò sọ pé ó rẹ̀ mí, nítorí ó ń rẹ gbogbo wa. Iye wákàtí ni mo fi hàn wọ́n. Mo ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa kọ àròkọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí n sì máa tọ́ka sí irú àṣìṣe méjì péré tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nípa rẹ̀. Ìwé di 84, ìṣẹ́jú 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò tó wákàtí 6, ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń bá mi délé. Wọ́n gbà. Mo ní kí wọ́n dín iye ọmọ inú kíláàsì kù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ pé n kò lè ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé mọ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “O mọ̀ pé owó rẹ̀ á lọ o.” Owó náà lọ lóòótọ́, ó sì dùn mí, mo fi ìrìn-àjò Kérésì kan du ara mi. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan pín ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ sí méjì. Mo sọ fún àwọn òbí pé agogo 4 sí 4:30 ọ̀sán, Ajé sí Ẹtì, ni mo ń dáhùn. Àwọn méjì bínú, àwọn yòókù kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí.

Wákàtí 43 àti ààbọ̀ ni mo ń ṣe báyìí, tàbí díẹ̀ sí i. Ara kò tù mí lọ́sẹ̀ kìíní, kò tilẹ̀ tù mí lóṣù kìíní. Oorun ló kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn bí oṣù 2. Ìfẹ́ àwọn ọmọ náà ló pẹ́ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sáà méjì kí n tó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ọmọ kan ní kíláàsì láìfipá ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò tó kọjá, mo gbọ́ tí ẹnu mi tún sọ pé “àwọn wọ̀nyí” níwájú ẹlẹgbẹ́ mi. Mo kó ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í, mo sì lọ sọ́dọ̀ ìyá aláró bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Rú ni. Wọ́n yẹ ìso mi wò, wọ́n ní ó ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì rọ̀.